Ìdíje Gẹ́ẹ̀mù Orí Fóònù Láàárín Àdúgbò: Láti Orí Àtẹ Dé Orí Èsì

Ìdíje gẹ́ẹ̀mù orí fóònù láàárín àdúgbò kò nílò ju fóònù, dátà àti ìwé ìkọ̀wé kan lọ. Àríyànjiyàn ló máa ń dà á rú: ta ni yóò bá ta gbá, ta ni yóò ṣí yàrá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, èsì ta ni olùṣètò yóò gbà. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Àpẹẹrẹ tí yóò hàn nísàlẹ̀ ni ìdíje eFootball, gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù tí iléeṣẹ́ Konami fi rọ́pò PES lọ́dún 2021, láàárín èèyàn méjìlá tí wọ́n péjọ sójú kan.

Àtẹ ìdíje ló ṣíwájú. Ètò tó rọrùn jù ni kò-mẹ́sẹ̀-ó-yọ: ẹni tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan ti kúrò. Kí iye èèyàn tó kù lè máa dín sí ìdajì ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àyè orí àtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 4, 8, 16 tàbí 32. Èèyàn 12 ju àyè 8 lọ, nítorí náà àtẹ alááyè 16 ni wọn yóò lò, àyè mẹ́rin yóò sì ṣófo. Èèyàn mẹ́rin ni yóò fo ìpele kìíní, àwọn mẹ́jọ yòókù yóò sì gbá ìdíje mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin tó bá yege níbẹ̀ ni yóò wá pàdé àwọn mẹ́rin tó fo ìpele náà.

Kèké ni kí wọ́n fi pín nọ́ńbà 1 títí dé 12, lójú gbogbo olùdíje. Nọ́ńbà 1 sí 4 yóò fo ìpele kìíní. Nọ́ńbà 5 yóò bá 12 gbá, 6 yóò bá 11, 7 yóò bá 10, 8 yóò sì bá 9. Ẹni tó bá yege láàárín 8 àti 9 yóò pàdé 1, ti 7 àti 10 yóò pàdé 2, ti 6 àti 11 yóò pàdé 3, ti 5 àti 12 yóò pàdé 4. Kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sórí páálí kan, kí wọ́n sì gbé e kọ́ ògiri. Bí olùṣètò bá ń yan ẹni tí yóò pàdé ara wọn bí eré ti ń lọ, kò sí bí wọn kò ṣe ní fẹ̀sùn ojúsàájú kàn án.

Ìdíje kọ̀ọ̀kan ń yọ ẹnì kan kúrò. Níwọ̀n bí èèyàn 11 ti gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹnì kan tó kù, ìdíje 11 ni gbogbo rẹ̀. Ti ipò kẹta yóò sọ ọ́ di 12. Bí ìdíje kan bá ń gba ogún ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ṣíṣí yàrá àti gbígba èsì, tí ìdíje méjì sì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà títí di ìpele tó kángun sí àṣekágbá, gbogbo rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Kí wọ́n fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀ fún un, nítorí iná lè lọ, bátìrì fóònù sì lè kú.

Yàrá ni ibi tí àwọn olùdíje méjì ti ń pàdé nínú gẹ́ẹ̀mù, nọ́ńbà yàrá àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni wọ́n sì fi ń wọlé. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù lórí àtẹ ni kí ó máa ṣí i. Ẹni tó ń bá a gbá àti olùṣètò nìkan ni kí ó fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí, nítorí bó bá bọ́ sójú ẹgbẹ́ Wáàsáàpù, ẹlòmíràn lè sáré gba àyè náà. Kí ọ̀rọ̀ aṣínà máa yí padà ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí olùdíje ń jẹ́ nínú gẹ́ẹ̀mù gan-an ni kí ó fi forúkọ sílẹ̀, lẹ́tà fún lẹ́tà, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé fóònù fún ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jù ú lọ.

Òfin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ Dream Team jẹ́ èyí tí olùdíje fi oṣù púpọ̀, tàbí owó, kó jọ. Bí ẹnì kan bá gbé e wá bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, agbára ẹgbẹ́ ni yóò borí, kì í ṣe ọwọ́ olùdíje. Authentic Team ló ń mú wọn sún mọ́ ara wọn. Kí olùṣètò ṣí yàrá kan láti fi dánwò ṣáájú ọjọ́ ìdíje, kí ó sì kọ ohun tó yàn sílẹ̀: irú ẹgbẹ́, gígùn eré, àfikún àkókò àti gólì wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ.

Nẹ́tíwọ̀kì tó já ló ń bí ìjà jù. Ká ní olùdíje 6 ń fi 2 sí 1 ṣíwájú olùdíje 11, tí eré sì já ní ìṣẹ́jú 63. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni eré, nítorí náà ìṣẹ́jú 27 ló kù. Wọn yóò ṣí yàrá tuntun, wọn yóò fi ẹgbẹ́ kan náà gbá títí aago inú gẹ́ẹ̀mù yóò fi dé 27, wọn yóò sì ro àwọn gólì pọ̀. Bí olùdíje 11 nìkan bá gbá ọ̀kan wọlé, ó di 2 sí 2. Kí òfin ti sọ tẹ́lẹ̀ pé wọn yóò máa bá eré yẹn lọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá gólì ló yege.

Ìṣirò yìí ní ààlà. Yàrá tuntun kò mọ̀ nípa káàdì pupa, yóò dá agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlá padà fún ẹni tó ti ku mẹ́wàá. Nítorí náà, bí eré bá já lọ́wọ́ ẹni tó ti gba káàdì pupa, kí òfin sọ pé ó ti pàdánù. Bákan náà ni fún ẹni tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ bá já lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje kan. Kí rẹfirí jókòó síbi tí yóò ti máa wo fóònù méjèèjì, kí ó lè mọ fóònù tó já àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jáde.

Nígbà tí eré bá parí, kí àwọn méjèèjì ya àwòrán ojú fóònù wọn kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun, nítorí ojú-ìwé èsì máa ń kọjá lọ. Orúkọ méjèèjì, iye gólì àti àmì pé eré ti parí gbọ́dọ̀ hàn nínú rẹ̀. Ẹni tó yege yóò fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó pàdánù yóò kọ “mo gbà” tàbí kí ó fi àwòrán tirẹ̀ ṣe ẹ̀rí àtakò, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwòrán ẹnì kan ṣoṣo kò tó, nítorí àwòrán ṣeé tún ṣe. Olùṣètò yóò kọ nọ́ńbà ìdíje, èsì, àsìkò àti orúkọ ẹni tó jẹ́rìí sínú ìwé, lẹ́yìn náà ni yóò kọ ọ́ sórí páálí. Bí olùṣètò fúnra rẹ̀ bá ń díje, ẹlòmíràn ni kí ó gba èsì tirẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá ti kọjá láìsí àtakò, èsì náà ti di àṣẹ, ìpele tó tẹ̀ lé e sì lè bẹ̀rẹ̀. Òfin yìí kan àṣekágbá pẹ̀lú: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa ẹ̀bùn lé olúborí lọ́wọ́ kí àkókò àtakò tó parí, nítorí ẹ̀bùn tó ti jáde ṣòro láti gbà padà.