Ìdá Méje ti Èwo?

Ká sọ pé ìyá kan ní Balógun kó àwo wá láti Ṣáínà, ẹjẹ́ńtì sì fi ìwé owó kọ́sítọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí i láti Àpápá. Ọmọ rẹ̀ bá a túmọ̀ rẹ̀: ìdá 20, ìdá 7, ìdá 1, ààbọ̀ ìdá kan, ìdá 7.5, gbogbo rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá ro ó pọ̀, ó di 36. Ọjà náà jẹ́ ₦5,000,000, ó wá gbà pé ₦1,800,000 ni òun máa san.

Ọmọ ò purọ́, àmọ́ ó fo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn òǹkà kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé náà, FOB ni iye ọjà títí ó fi wọ ọkọ̀ ní Ṣáínà, ká fi sí ₦4,000,000. CIF ni iye yẹn pẹ̀lú owó ọkọ̀ òkun àti adójútòfò, èyí tó sọ ọ́ di ₦5,000,000. Ìdá 20 jẹ́ ti CIF: ₦1,000,000. Ìdá 7 kì í ṣe ti ọjà rárá, ti owó kọ́sítọ́ọ̀mù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí ni: ₦70,000 péré, kì í ṣe ₦350,000. Ìdá 1 jẹ́ ti FOB: ₦40,000. Ààbọ̀ ìdá kan, tí í ṣe ti ECOWAS, tún padà sórí CIF: ₦25,000. VAT ló kẹ́yìn, ó sì ń gun orí gbogbo wọn: ìdá 7.5 ti ₦6,135,000 jẹ́ ₦460,125. Àpapọ̀ wá di ₦1,595,125. Ó fi ₦204,875 dín sí ohun tí ìyá ń bẹ̀rù.

Kí ẹni tó ń túmọ̀ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé o. Ní 2025, kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ìdá 4 lórí FOB jáde, àwọn oníṣòwò figbe ta, wọ́n sì dá a dúró.

Ìwé kejì kì í tọ́dọ̀ ìjọba wá. Dẹ́mọ́réèjì jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ òkun, nítorí kọ̀ntẹ́nà rẹ̀ tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ; sitọ́réèjì jẹ́ ti àwọn tó ni ọgbà tí ẹrù wà. Bí a bá pe méjèèjì ní “owó ìpẹ́” lásán, ìyá lè san ọ̀kan kó sì rò pé ó tán, nígbà tí èkejì ń lé sí i lójoojúmọ́. Kí ìtumọ̀ kọ ẹni tó ń gba owó kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí kò ní san nǹkan, àti ibi tí kíkà ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Bí òun nìkan ló gba kọ̀ntẹ́nà, yóò tún rí owó kan tí ọlọ́kọ̀ ń gbà títí kọ̀ntẹ́nà òfìfo yóò fi padà. Owó ìdógò ni ká pè é. Bí ìtumọ̀ bá kọ “owó kọ̀ntẹ́nà”, ìyá á kà á mọ́ ìnáwó, kò sì ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹjẹ́ńtì mọ́.