Nígbà Tí Ọ̀gá Bá Tún Gbé Iṣẹ́ Mìíràn Dé

Bí ọ̀gá bá gbé iṣẹ́ tuntun dé iwájú ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kún, ìdáhùn tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni "Ó dáa, sà," tàbí "Màá gbìyànjú, mà." Èkejì yìí ló ń kó bá èèyàn jù. Ẹni tó sọ ọ́ gbà pé òun ti fọgbọ́n jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò rọrùn. Létí ọ̀gá, ìlérí ni. Ó ti fi ọjọ́ Jímọ̀ sọ́kàn, ó sì ṣeé ṣe kó ti sọ fún àwọn tó wà lókè rẹ̀ pé ìwé náà á délẹ̀ ní Jímọ̀. Bí Jímọ̀ bá wá dé tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí pé ìgbìyànjú nìkan lẹ ṣèlérí.

Ohun tó fà á ò fara sin. A tọ́ wa dàgbà pé a kì í wojú àgbà ká ní "rárá", ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì wa ló sì ń fi ọ̀gá ṣe àgbà ilé. Mi ò rò pé ó yẹ ká torí iṣẹ́ oṣù sọ ìwà ọmọlúàbí yẹn nù, kò tiẹ̀ sídìí fún un. Ohun tí ọ̀gá ò ní lọ́wọ́ ni ìròyìn. Òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà fún yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e wá, lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì jókòó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ rí. Ẹ̀yin lẹ lè bá a rò ó. Bí ẹ bá ti rò ó, tí ẹ sì mú ọ̀nà kan tàbí méjì dání lọ bá a, ohun tí ẹ jọ ń sọ kì í ṣe bóyá ẹ máa ṣiṣẹ́ tàbí ẹ ò ní ṣe. Èwo ni kó ṣáájú, èwo ni kó dúró díẹ̀, òun lẹ jọ ń sọ. Ọ̀gá ló sì ni ìdáhùn ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú akáúńtàǹtì kan ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan n'Íkẹjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ 4 oṣù. Wọ́n ti san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 30 oṣù tó kọjá. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níwájú obìnrin yìí. Àkọ́kọ́ ni owó orí tí wọ́n yọ nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tó gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e. Èkejì ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 lórí owó ìfẹ̀yìntì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 7 péré lẹ́yìn tó bá ti san owó oṣù. Bí ẹ bá kà á láti Jímọ̀ ọjọ́ 31, tí ẹ fo Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ Ajé tó jẹ́ ọjọ́ 10 náà ni yóò parí sí. Ẹ̀kẹta ni fífi sítéètìmẹ́ǹtì báńkì mẹ́ta wé ìwé owó tiwọn ní ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí owó tó wọlé tí wọn ò kọ sílẹ̀, àti èyí tí báńkì yọ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá yọjú. Báńkì kan fẹ́ yá ilé-iṣẹ́ lówó, wọ́n sì ń béèrè ìwé tó ṣàlàyé owó tó wọlé àti owó tó jáde láàárín ọdún 3 sẹ́yìn, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń retí lọ́dún tó ń bọ̀. "Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ o."

Obìnrin yìí ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìbéèrè kan ló kọ́kọ́ bi ọ̀gá: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé báńkì ló dá Jímọ̀ ni, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ kó tètè kúrò nílẹ̀?" Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló níye lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ń dá ló jẹ́ pé ó kàn dá a lásán ni. Ọ̀gá ní báńkì ò dá ọjọ́ kan pàtó, àmọ́ òun fẹ́ kí wọ́n rí i pé àwọn múra. Obìnrin náà dáhùn pé: "Mo ti gbọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó wà nílẹ̀, kí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọ̀la tó lù, màá ti wá bá yín." Ẹ kíyè sí i pé ìlérí kan wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì ní aago. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí "màá gbìyànjú".

Kó tó lọ sílé, ó mú bébà, ó ro wákàtí. Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe, wọ́n á ní wákàtí 8 ni ọjọ́ iṣẹ́ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó ní ẹ̀ka owó rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà á wá gba owó epo, ẹnì kan á wá béèrè ìdí tí owó oṣù rẹ̀ fi dín kù, báńkì á pè. Wákàtí 5 ló kù láti fi jókòó ti iṣẹ́ lójúmọ́ kan. Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀ jẹ́ wákàtí 15. Owó orí á gba 4, owó ìfẹ̀yìntì á gba 3, ìwé báńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15 gééré. Iṣẹ́ tí ọ̀gá gbé dé ní tirẹ̀ á gba wákàtí 10.

Ó wá wo èyí tó ṣeé sún nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ò ṣeé sún, nítorí òfin ló dá ọjọ́ wọn. Owó ìfẹ̀yìntì tó bá pẹ́ máa ń fa owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù nílẹ̀, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá fi pẹ́. Kò sì bọ́gbọ́n mu láti sún wọn dé ọjọ́ 10 gan-an, torí bí owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ bá há sójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọjọ́ mìíràn láti fi tún un ṣe. Ìwé báńkì nìkan ló ṣeé sún, wákàtí 8 nìyẹn. Ó ku wákàtí 2. Ó rántí pé ìdámárùn-ún iṣẹ́ tuntun náà jẹ́ kíkó sítéètìmẹ́ǹtì ọdún 3 jọ láti inú fáìlì, kí wọ́n sì tò ó ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lè ṣe ìyẹn. Wákàtí 2 tó ṣẹ́kù sì dáhùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ó wọlé tọ ọ̀gá lọ lóun nìkan, kò dúró di ìgbà ìpàdé. Ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ bá ń ka iṣẹ́ fún lójú àwọn ẹlòmíràn á rò pé wọ́n ń fi ẹjọ́ òun sùn ni, á sì fagi lé e kó tó gbọ́ ọ tán. Ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Iṣẹ́ báńkì tí ẹ gbé fún mi, mo ti wò ó, wákàtí 10 ló máa gbà. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi títí di Jímọ̀ ti gba gbogbo wákàtí tó wà, torí náà kò ní lè wọlé láìjẹ́ pé nǹkan kan jáde. Owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ò lè dúró. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ ní Jímọ̀, màá sún ìwé báńkì oṣù tó kọjá sí Ọjọ́rú ọjọ́ 12, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á sì bá mi kó àwọn sítéètìmẹ́ǹtì jọ. Àmọ́ kó tó di ọjọ́ 12, àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wá lówó ò ní tíì dúró dáadáa. Ká má jẹ́ kí àwọn tó ń tajà fi pe ẹnikẹ́ni ní gbèsè, torí ẹni tó ti sanwó lè wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ìwé báńkì dúró bó ṣe wà, kí n wá gbé ti owó ẹ̀yáwó fún yín ní ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ọjọ́ 11. Èmi ì bá mú àkọ́kọ́. Èwo lẹ fẹ́, sà?"

Ó sọ iye tí iṣẹ́ náà máa gbà, ó sọ ohun tí kò ṣeé sún àti ìdí rẹ̀, ó sì sọ ìṣòro tó wà nínú ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn. Ìgbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi pamọ́, ó sì yẹ kó jáde síta, torí bí oníbàárà kan bá bínú ní ọjọ́ 11 pé wọ́n ń béèrè owó tí òun ti san, ọ̀gá á fẹ́ mọ ìdí tí wọn ò fi sọ fún òun. Obìnrin yìí ò sì sọ ohunkóhun nípa bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ká ní ó sọ ọ́, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í bá a kẹ́dùn tàbí kó bá a jiyàn, wọn ò sì ní dórí wákàtí mọ́.

Ọ̀gá ní kó mú ọ̀nà àkọ́kọ́. Kó tó jókòó, obìnrin náà fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́tsáàpù: "Ẹ ṣeun, sà. Bí a ṣe sọ ọ́ láàárọ̀ yìí: ìwé ẹ̀yáwó ní Jímọ̀ ọjọ́ 7, ìwé báńkì ní Ọjọ́rú ọjọ́ 12." Kò sí ìfọ̀rọ̀gúnni kankan nínú rẹ̀, kò sì ju ìlà méjì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀gá lè rí i lọ́jọ́ Ajé tó bá ti gbàgbé, tó wá ń béèrè ìwé báńkì.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló tó ohun tí à ń ro wákàtí lé lórí. Èyí tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yáa ṣe é kúrò nílẹ̀. Bí ọ̀gá méjì bá sì ń gbé iṣẹ́ fún yín, tí iṣẹ́ ọ̀kan bá fẹ́ ti ti èkejì sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ máa yàn láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ọ papọ̀, kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́.

Ọ̀gá kan sì wà tó máa gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tí á ní, "Ṣe gbogbo ẹ̀, Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ." Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ bi í pé: "Mo ti gbọ́, sà. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú, tí gbogbo ẹ̀ ò bá tán?" Ó ṣòro kó má dáhùn ìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì lọ sọ ibi tí iṣẹ́ dé fún un ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àyè ṣì wà fún un láti fi ẹnì kan kún yín tàbí láti pe báńkì. Bó bá sì jẹ́ pé oṣooṣù ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, á jẹ́ pé iṣẹ́ ti ju ẹnì kan lọ nìyẹn, kò sí títò tó lè wo èyí sàn. Ẹ máa tọ́jú bébà tí ẹ fi ń ro wákàtí. Tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ kó wọn lọ bá ọ̀gá, kí ẹ fi béèrè fún ẹnì kejì.