Ìdáhùn aládàáṣe ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́

Ìdáhùn aládàáṣe ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ni ímeèlì kúkúrú tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tó wà ní ìsinmi. Ó máa ń sọ ọjọ́ ìpadàbọ̀ òṣìṣẹ́ náà àti ẹni tó ń ṣe adelé rẹ̀.

“Mo wà ní ìsinmi títí di ọjọ́ 15” kò yéni tó, nítorí kò sọ bóyá iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. “Màá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18, oṣù kẹjọ, ọdún 2025” ló yanjú.

Ọ̀rọ̀ adelé ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí oníṣirò owó bá dárúkọ akápò, tí akápò náà sì lọ sí ìsinmi, tó dárúkọ oníṣirò owó, ẹni tó ń béèrè owó ọjà tó kó wá yóò kàn máa yípo láàárín wọn ni. Ẹ̀rọ kò lè rí èyí. Ìlànà RFC 3834 ti ọdún 2004 ní kí ẹ̀rọ má ṣe fèsì sí ìdáhùn aládàáṣe mìíràn, kí ẹ̀rọ méjì má baà máa dá ara wọn lóhùn láìdúró. Kò dáàbò bo ènìyàn tó kọ̀wé. Nítorí náà, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀ wé ti adelé kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.