Àwòrán Méjì àti Ìpínrọ̀ Kan fún Bàbá Láńlọ́ọ̀dù

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà lókè òkun ni ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wa ṣì ń gbé ilé tí wọ́n háyà nílé. Bí òrùlé bá ń jò, àwa ni wọ́n á pè. A ṣe tán láti fi owó ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tiwa. Láńlọ́ọ̀dù ni yóò sọ pé "ẹ ṣe é" tàbí "ẹ má fọwọ́ kàn án." Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀ lè ya ilé náà bó ṣe wà báyìí àti bó ṣe máa rí lẹ́yìn àtúnṣe, kó sì kọ ìpínrọ̀ kan tì í. Rẹ́ńdà ni wọ́n ń pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń yà á láti inú mọ́dẹ́lì, ìyẹn ilé tí a fi ìwọ̀n gidi kọ́ sínú kọ̀ǹpútà.

Rẹ́ńdà lè lẹ́wà kí láńlọ́ọ̀dù má sì gbà. Bàbá tó ti ń wo ilé rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún mọ̀ ọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ. Bó bá wo àwòrán kejì tó rí i pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti fẹ̀ sí i, pé kòtò àdúgbò ti pòórá, pé koríko tútù ti hù níwájú ilé, yóò mọ̀ pé ilé ẹlòmíràn lẹ fi ń hàn òun. Ìpínrọ̀ tó dára jù lọ kò lè gba àwòrán bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìbàdàn ló wà, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní fèésì-mí-àí-fèésì-yú: yàrá márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín tó gùn ní mítà 11, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.3. Ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Láàárín gbùngbùn, ọ̀sán dà bí alẹ́, àwọn ọmọdé sì ń kọsẹ̀ lára sítóòfù tí wọ́n gbé síbẹ̀. Páànù mẹ́ta lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n sì ń jò. Lẹ́yìn ilé, òjò tó ń já bọ́ láti orí òrùlé ń ta ẹrẹ̀ pupa sára ìdí ògiri, ó sì ti ń jẹ rírẹ́ ara ògiri náà kúrò.

Àwọn ayálégbé fẹ́ ṣe ohun méjì péré. Wọ́n fẹ́ fi páànù oníke tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá rọ́pò àwọn páànù mẹ́ta yẹn, kí wọ́n sì la àjà tó wà lábẹ́ wọn. Wọ́n tún fẹ́ da kọnkéré yí ìdí ògiri ẹ̀yìn ká.

Fọ́tò ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó wà nílé dúró sẹ́nu ọ̀nà iwájú, kó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, kó gbé fóònù sókè tó ojú rẹ̀, kó sì ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìfa àwòrán náà súnmọ́. Kó wọn gíga àti ìbú ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú. Bó bá fẹ́ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù, kó yan Document. Bó bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, Wọ́sáàpù á fún un pọ̀, á sì pa àlàyé lẹ́ǹsì tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má sì gé etí fọ́tò náà kúrò, nítorí àárín rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ibi tí lẹ́ǹsì kọjú sí.

Ètò kan wà tí a ń pè ní fSpy, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fa ìlà lé etí ògiri àti etí àjà inú fọ́tò, ẹ ó sọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn yẹn fún un, yóò sì ṣírò ibi tí kámẹ́rà dúró àti bí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gbé èsì náà sínú Blender, kí ẹ kọ́ mọ́dẹ́lì ilé náà sí i. Bí ilẹ̀kùn inú mọ́dẹ́lì bá bọ́ sórí ilẹ̀kùn inú fọ́tò gẹ́lẹ́, ìwọ̀n yín tọ́ nìyẹn.

Lẹ́ǹsì ni ẹ̀tàn ti ń wọlé jù. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ lára ọ̀pọ̀ fóònù ń rí bíi dígírì 69 láti ọ̀tún dé òsì, bí a bá gbé fóònù náà níbùú. Bí ẹ bá wá fi lẹ́ǹsì tó ń rí dígírì 97 ya rẹ́ńdà kejì nítorí pé "gbogbo rẹ̀ hàn dáadáa," ọ̀dẹ̀dẹ̀ mítà 1.3 á dà bí gbọ̀ngàn. Àwọn tó ń ta ilé máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò yàrá, ẹ̀yin tí ẹ ti wá ilé rí ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun kejì le díẹ̀ láti rí. Bí ẹ bá ya fọ́tò inú òkùnkùn, fóònù á tan ìmọ́lẹ̀ kún un fúnra rẹ̀. Nítorí náà ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú fọ́tò mọ́lẹ̀ ju ti gidi lọ. Bí ẹ bá gbé fọ́tò yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́ńdà, kámẹ́rà méjì lẹ ń fi wéra, ẹ kò fi ilé wé ilé. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àwòrán méjèèjì jẹ́ rẹ́ńdà, láti inú mọ́dẹ́lì kan náà, pẹ̀lú kámẹ́rà kan náà, kí iye tó wà níbi Exposure sì dọ́gba. Ẹ lo fọ́tò láti fi yẹ àkọ́kọ́ wò nìkan. Ohun tó bá wá yàtọ̀ láàárín méjèèjì, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ló mú un wá.

Oòrùn ńkọ́? Ẹni tó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù máa ń gbàgbé pé oòrùn ilé kì í ṣe ti ibẹ̀. Ní ọ̀sán gangan nínú oṣù Kẹfà, oòrùn Lọ́ńdọ̀nù wà lápá gúúsù, òjìji sì ń lọ sí àríwá. Ní Ìbàdàn lákòókò kan náà, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ẹni, ó fi bíi dígírì 16 yà sí apá àríwá, òjìji sì ń lọ sí gúúsù, ó kúrú. Láńlọ́ọ̀dù lè má mọ dígírì, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí àti ìgbà tí ibẹ̀ ń gba oòrùn. Nínú Blender, àfikún Sun Position ló ń tún èyí ṣe:

```
Latitude: 7.4
Longitude: 3.9
UTC Zone: 1
```

Ẹ fi oṣù àti aago kún un, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ará ilé, pẹ̀lú kọ́ńpáàsì fóònù, apá ibi tí iwájú ilé kọjú sí. Òótọ́ kan tó yẹ kí ẹ má fi pamọ́ ni pé oòrùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ẹni á gba inú oníke yẹn mú ooru wá pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà ni páànù fi mọ sí mẹ́ta, tí a sì fi ihò afẹ́fẹ́ sí òkè ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Oníke náà a sì máa pọ́n bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.

Gbogbo ohun tí ẹ kò ní tún ṣe, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà: òrùlé aládùúgbò tó dípẹtà, kànga, agbada aláàkàrà tó wà níwájú ilé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni Bàbá fi máa mọ̀ pé ilé òun nìyí.

Ìpínrọ̀ ló kù. Ẹ̀rù mẹ́ta ló sábà máa ń ba láńlọ́ọ̀dù: kí yàrá má dín kù, kí owó má jáde lápò òun lójijì, kí ayálégbé má lọ sọ lọ́jọ́ iwájú pé òun náà kọ́ nínú ilé. Bó bá jẹ́ ilé ogún, àwọn ẹbí tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò fi hàn. Ìpínrọ̀ yín gbọ́dọ̀ dáhùn àwọn nǹkan wọ̀nyí kó tó béèrè. Iye owó inú èyí tí mo kọ yìí, àpẹẹrẹ lásán ni:

"Bàbá, a kí yín, ẹ kú àbójútó ilé. Ibì kan náà la ti ya àwòrán méjèèjì yìí, ẹnu ọ̀nà iwájú, níbi tí a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Ti àkọ́kọ́ ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ bó ṣe rí ní aago kan ọ̀sán. Ti èkejì ni bó ṣe máa rí ní aago kan náà, bí ẹ bá gbà ká fi oníke rọ́pò páànù mẹ́ta tó ń jò, ká sì la àjà abẹ́ wọn. A tún fẹ́ da kọnkéré sí ìdí ògiri ẹ̀yìn kí òjò má jẹ ẹ́ mọ́. Yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà bẹ́ẹ̀, a kò ní wó ògiri kankan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦480,000. Àwa ayálégbé á dá ₦240,000. A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa gbé ₦240,000 yòókù, kí a san án nísinsìnyí, kí ẹ sì máa yọ ₦2,000 lóṣù nínú owó yàrá kọ̀ọ̀kan fún oṣù 12. Ilé yín ni, ohun tí a bá ṣe sí i, tiyín ni. Káfíńtà ti gun òkè wò ó, yóò sì wá ṣàlàyé fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá dá."

Ẹ wo bí ìṣirò yẹn ṣe rọrùn: yàrá 10, ₦2,000, oṣù 12, ₦240,000 nìyẹn. Bàbá lè fi ìka kà á.

Mo fi káfíńtà sí i nítorí pé rẹ́ńdà kò rí inú igi. Bí ikán bá ti jẹ igi òrùlé, àwòrán kò ní sọ, owó náà á sì yí padà. Kí káfíńtà tún wo irú àjà tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí fọ́ ọ ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kó yọ ọ́.

Ẹ tẹ àwòrán méjèèjì sórí ìwé kan, kí wọ́n tóbi dọ́gba, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹ má fi fóònù hàn án nínú oòrùn. Kí ìyá yín tàbí ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ayálégbé mú un lọ, kí wọ́n sì pe Bàbá wá dúró lórí àmì ṣọ́ọ̀kì yẹn ní aago kan, kó gbé ìwé náà sókè, kó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀.