Wàláà Lára Aṣọ Òkè: Bí A Ṣe Lè Ka Àwòrán Aṣọ Àtijọ́ Kí Omi Òkun Tó Gbé E Lọ

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí omi òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn ará Ayétòrò mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ilé tí wọ́n kọ́ síwájú ti di ibi tí ìgbì ń gbá. Bí omi bá wọlé lóru, ẹ̀mí àti ọmọ ni èèyàn ń kọ́kọ́ gbé sá. Àpótí aṣọ ìyá àgbà kì í sí lára ohun tí wọ́n máa ń rántí, bí wọ́n bá sì padà débẹ̀, omi iyọ̀ ti rẹ ẹ́.

Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ilé kan fi ń fi fóònù ya àwòrán aṣọ òbí wọn báyìí. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n àwòrán tí kò ní àlàyé kò pé. Bí aṣọ náà bá ti lọ, tí ìyá tó ni ín sì ti kú, ta ni yóò sọ ohun tó wà lára rẹ̀? A fẹ́ fi ọnà kan ṣoṣo ṣàlàyé bí a ṣe ń ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọnà tó sì kan àwa Mùsùlùmí gan-an ni: wàláà.

Bí aṣọ náà ṣe dé etí omi

Kì í ṣe gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí Ìlàjẹ ni wọ́n hun níbẹ̀. Àwọn ará Ayétòrò, tí wọ́n dá ìlú wọn sílẹ̀ ní 1947, hun aṣọ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà, ọ̀sà ni ọ̀nà ńlá tí ọjà ń gbà. Láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ ojú omi ń gba ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá lọ sí ìhà Bìní àti ilẹ̀ Ìjọ́. Aṣọ wà lára ẹrù tí wọ́n ń kó. Nítorí náà, ẹni tó bá rí aṣọ olónà nílé apẹja kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu.

Ìsìláàmù náà ti wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ dáadáa, àwọn ilé kéwú sì pọ̀ níbẹ̀. Pátákó tí ọmọ kéwú fi ń kọ́ Alùkùránì, èyí tí à ń pè ní wàláà, jẹ́ ohun tí ahunṣọ ń rí lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ló ti wọ inú aṣọ. Títí di òní, ó wà lára àwọn ọnà tó wọ́pọ̀ jù lọ lára aṣọ òkè.

Ìrísí rẹ̀: kí la rí gan-an?

Ẹ rántí bí wàláà gidi ṣe rí. Pátákó gígùn ni, ó ní igun, ó sì ní ọwọ́ kékeré ní orí kan tí ọmọ fi ń dì í mú. Tàdáà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, wọ́n sì ń fi omi fọ̀ ọ́ kí wọ́n lè tún un kọ.

Lára aṣọ, ara pátákó náà dúró bí àpótí onígun mẹ́rin tó gùn díẹ̀. Ní orí kan, ó fún wọlé, ó wá di ọwọ́. Nínú àpótí yẹn, a lè rí ìlà díẹ̀ tàbí àmì kékeré. Àmì wọ̀nyẹn kì í ṣe háràfí, kò sì sí áyà kankan tí èèyàn lè kà níbẹ̀. Àwòrán pátákó ni ahunṣọ ṣe, kò kọ ohun tó máa ń wà lórí pátákó.

Ẹni tó bá ń kọ àlàyé sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ "wàláà". Kó kọ́kọ́ kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: àpótí onígun mẹ́rin, ọwọ́ kan lókè, ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀. Orúkọ ń bọ̀ lẹ́yìn, a ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ọwọ́ iṣẹ́: híhun ni, àbí abẹ́rẹ́, àbí títẹ̀?

Aṣọ èyíkéyìí tí a hun ní òwú méjì: èyí tó dúró lóròó àti èyí tí ọ̀kọ̀ ń gbé gba ìbú kọjá. Fún ọnà, ahunṣọ á fi òwú kẹta kún un, èyí tó sábà máa ń nípọn ju ti ìbú lọ. Á ka òwú ìnàró, á gbé òwú ọnà lé orí iye tó fẹ́, á sì tún fi òwú ìbú lásán dè é mọ́lẹ̀ kó tó ṣe ìlà mìíràn.

Ká ní ó fẹ́ ṣe wàláà tó fẹ̀ tó òwú 24. Fún ara pátákó, òwú ọnà á gun orí gbogbo 24 náà, ìlà lórí ìlà. Nígbà tó bá dé ibi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, á dín in kù sí 16, lẹ́yìn náà sí 8, á sì fi àárín síbẹ̀ dọ́gba. Nítorí pé ó ń dín in kù lẹ́ẹ̀kan náà, etí ọnà náà á dà bí àtẹ̀gùn. Kò lè yí bírípo, nítorí òwú ìnàró àti ti ìbú kò mọ ju ọ̀nà tààrà lọ. Àtẹ̀gùn yìí ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí a máa ń wá nínú àwòrán: bí etí ọnà bá yí bí òṣùpá láìsí àtẹ̀gùn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tàbí títẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni ojú ìránpọ̀. Òfì tí àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òkè máa ń mú awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, nǹkan bí ínṣì mẹ́rin ní fífẹ̀. Awẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n ń rán pọ̀ di ìró. Ọnà tí wọ́n hun kò lè kọjá etí awẹ́ rẹ̀. Bí ọnà kan ṣoṣo bá gun orí ojú ìránpọ̀ láìdúró, lẹ́yìn ríránpọ̀ ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe é, tàbí kó jẹ́ aṣọ títẹ̀ tí wọ́n ya ojú ìránpọ̀ èké sí. Aṣọ àwọn obìnrin tí wọ́n ń hun lórí òfì ìdúró máa ń fẹ̀ ju èyí lọ dáadáa, nítorí náà awẹ́ méjì tàbí mẹ́ta ti lè tó fún ìró kan.

Ẹ̀rí kẹta, ẹ̀yìn aṣọ ni. Àwọn èèyàn kì í yà á, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ òótọ́ jù. Lẹ́yìn aṣọ tí a hun, a máa ń rí òwú ọnà tó ń sáré láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí ibi tí wọ́n ti gé e. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ́rẹ́, a ó rí kókó. Lẹ́yìn aṣọ títẹ̀, kò ní sí òwú kankan tó yọ, àwọ̀ sì lè ṣí ju ti iwájú lọ.

Àwọ̀, àti irọ́ tí kámẹ́rà máa ń pa

Aṣọ òkè àtijọ́ mẹ́ta ni gbogbo wa mọ̀. Ètù dúdú bí aró tó jinlẹ̀, ó sì ní ìlà funfun tín-ín-rín bí ìyẹ́ ẹyẹ tó jẹ́ orúkọ rẹ̀. Sányán ní àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ, nítorí ará òwú tí kòkòrò inú igbó ń ta ni wọ́n ti ń ṣe é. Àlàárì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń kó sẹ́dà rẹ̀ wá láti Tìrípólì dé Kánò, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ilẹ̀ wa.

Ṣùgbọ́n àwòrán fóònù lè sọ funfun di sányán. Bí a bá ya aṣọ lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, òwú funfun á pọ́n bí ilẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ síta ní ìmọ́lẹ̀ àárọ̀, níbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà, kí ẹ fi bébà funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí bébà bá pọ́n nínú àwòrán, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ aṣọ náà ti yí. Omi iyọ̀ náà ń fi àmì sílẹ̀: ìlà funfun tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tó sì gba orí ọnà àti ojú ìránpọ̀ kọjá láìbọ̀wọ̀ fún èyíkéyìí. Ẹ má kà á mọ́ ọnà.

Ìtòsílẹ̀: àpẹẹrẹ ìró kan

Ẹ jẹ́ ká mú ìró kan tó ní awẹ́ 14, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin. Gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ ínṣì 56. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ètù, ọnà rẹ̀ sì funfun. A ka awẹ́ láti òsì, a rí i pé awẹ́ kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún kò ní ọnà, pé ìkejì àti ìkẹrin ní wàláà, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ. Ọgbọ́n ni èyí, nítorí ọnà máa ń gba àkókò. Ahunṣọ fi awẹ́ lásán sáàárín kí ojú lè sinmi, owó iṣẹ́ sì dínkù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí àwọn wàláà ṣe dojú kọ ara wọn láti awẹ́ kan sí èkejì. Nínú ìró wa yìí, ti awẹ́ kẹrin bọ́ sí àlàfo àárín ti awẹ́ kejì, bíi tábìlì ayò. Bí gbogbo rẹ̀ bá bá ara wọn mu pátápátá, láìyà ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ tún lọ wo ẹ̀yìn: ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ èèyàn máa ń yà díẹ̀. Ẹ tún wò bóyá ọwọ́ pátákó ń kọjú sókè nínú awẹ́ kan, sísàlẹ̀ nínú òmíràn. Ẹni tó rán an lè ti yí awẹ́ padà, kì í ṣe ẹni tó hun ún.

Orúkọ ló kẹ́yìn

Ìdí tí a fi fi orúkọ sẹ́yìn ni pé etí omi ń yí orúkọ padà. Àwọn Ìjọ́ ń pe irú aṣọ olónà kan tó ti Ìjẹ̀bú dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìkákíbítẹ̀, ìyẹn aṣọ ìjàpá. Wọ́n wo ọnà náà, wọ́n sì rí ìjàpá inú ìtàn tiwọn. Bí ìyá kan ní Ìlàjẹ bá wá pe àpótí onígun mẹ́rin yẹn ní orúkọ mìíràn, ẹ kọ orúkọ tó pè é sílẹ̀, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ, kí ẹ tó fi "wàláà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò ṣìnà. Aṣọ ló rìn.

Àwọn kan ti ń bẹ̀rù pé wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó lé aṣọ tó ní wàláà nítorí Alùkùránì wà lára rẹ̀. Ohun tí ojú rí ti dáhùn apá kan: kò sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun níbẹ̀, kò sì sí ohun ẹlẹ́mìí. Ní ti ìrun, Búhárì àti Mùsílíìmù gbà á wá láti ẹnu Àíṣà pé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kírun nínú aṣọ olónà kan, ọnà náà fa ojú rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbé e fún Abú Jàhímù, kí wọ́n bá òun gba aṣọ rẹ̀ tí kò ní ọnà wá. Ẹni tó bá fẹ́ ìdájọ́ lórí aṣọ tirẹ̀, kó gbé e lọ bá àáfà rẹ̀, kó sì mú àlàyé tó péye dání.

Àwòrán mẹ́ta ti tó fún aṣọ kan: odindi rẹ̀ ní títẹ́, ọnà kan ní ìtòsí pẹ̀lú bébà funfun, àti ẹ̀yìn ọnà yẹn kan náà. Lábẹ́ wọn, ẹ kọ ìrísí, ọwọ́ iṣẹ́, àwọ̀, iye awẹ́ àti bí wọ́n ṣe tò, lẹ́yìn náà orúkọ àti ẹni tó ni ín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọmọ ilé kan tí kò gbé etíkun, kí ẹ̀dà kan lè wà níbi tí omi kò lè dé.