Kámẹ́rà Tó Ń Sá Tẹ̀lé Madeline

Ẹni tó bá ń gbá Celeste kì í gbójú kúrò lára Madeline, ọmọbìnrin onírun pupa tó ń gun òkè nínú géèmù náà. Kì í rántí pé kámẹ́rà kan wà rárá. Ìgbà tí kámẹ́rà bá ń ta gìrì, tàbí tí kò tètè dé ibi tó yẹ, ni ojú máa ń fura.

Ọdún 2018 ni Celeste jáde. Maddy Thorson àti Noel Berry, tí wọ́n wà nídìí rẹ̀, gbé kóòdù tó ń darí Madeline síta, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Àwòrán rẹ̀ fẹ̀ ní píksẹ́lì 320, ó ga ní 180. Píksẹ́lì ni àwọn tóótòòtó aláwọ̀ tí wọ́n para pọ̀ di àwòrán.

Bí wọ́n bá so kámẹ́rà mọ́ Madeline lára pinpin, gbogbo fífò rẹ̀ ni yóò máa fa ojú ẹ̀rọ sókè sódò. Nítorí náà, kámẹ́rà kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: bí àwòrán bá ti ń yí padà, yóò rin díẹ̀ nínú ọ̀nà tó kù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń mú ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọ̀nà náà bá jẹ́ píksẹ́lì 100, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀ láàárín àkókò yẹn, ṣùgbọ́n lórí fóònù tó ń ya 30, ó lé ní píksẹ́lì 4 tí yóò ṣì kù. Àkókò ni Celeste fi ṣírò tirẹ̀:

```
kamera += (ibi - kamera) * (1 - pow(0.01, dt))
```

`ibi` ni ibi tí kámẹ́rà ń lọ, `dt` sì ni àkókò tó kọjá láti ìgbà àwòrán tó ṣáájú. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá pé, tí `ibi` kò sì yẹsẹ̀, ìdá kan nínú 100 ọ̀nà náà ló máa ṣẹ́ kù, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ tó yára tàbí èyí tó ń fà.

Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tó ń rọra bọ̀ yóò máa wà lẹ́yìn ni. Madeline ń sáré ní píksẹ́lì 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ̀lú ìṣírò òkè yìí, kámẹ́rà yóò fi nǹkan bíi 20 gbẹ̀yìn. Ìyẹn ni pé ọ̀nà iwájú, tó yẹ kó hàn jù, ló ń dín kù. Ní 90, ara ṣì lè gbà á. Tí Madeline bá wọ inú bọ́ọ̀lù pupa tó ń gbé e fò, eré rẹ̀ di 240, ohun tí kámẹ́rà fi ń gbẹ̀yìn á sì di nǹkan bíi 52. Kóòdù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nínú bọ́ọ̀lù yìí, ó máa ń ti `ibi` síwájú ní píksẹ́lì 48, síhà ibi tí Madeline ń fò lọ. Ẹ fi 48 wé 52. Gbèsè tí ìrọra kámẹ́rà jẹ ni ìwòwájú yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ san tán.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwòwájú wà nígbà gbogbo ní láti ṣọ́ra. Bí òṣèré bá yí sọ́tùn-ún yí sósì lórí pèpéle kékeré, kámẹ́rà á máa fì bí ẹni tí ọtí ń pa. Super Mario World ti 1990 ní ọgbọ́n fún un: Mario ní láti rìn kọjá ìlà kan kí kámẹ́rà tó gbà pé ó ti yíjú padà lóòótọ́.

Ààlà yàrá ló kàn. `ibi` ni Celeste ń há mọ́ inú yàrá, kì í dúró dìgbà tí kámẹ́rà bá dé etí ògiri kó tó dá a dúró. Nítorí èyí, kámẹ́rà á rọra dé ògiri ni, kì í kọlù ú. Etí òsì yàrá ni kò gbọdọ̀ kọjá lápá kan; lápá kejì, etí ọ̀tún tí a yọ 320 kúrò nínú rẹ̀. Tí yàrá bá kéré ju ojú ẹ̀rọ lọ, ààlà méjèèjì á gbòdì, àwòrán á sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Àárín yàrá ni kí wọ́n gbé kámẹ́rà sí nírú ibẹ̀.

Ìmìtìtì ojú ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Squirrel Eiserloh ṣàlàyé ọ̀nà kan níbi ìpàdé GDC ti 2016: kí géèmù ní ìwọ̀n ìpalára láti 0 sí 1, kó máa fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí agbára ìmìtìtì sì jẹ́ ìwọ̀n náà lọ́nà ara rẹ̀. Tí ìmìtìtì tó le jù bá jẹ́ píksẹ́lì 6, ìpalára 0.5 kò ní ju 1.5 lọ. Ìpalára kékeré á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ńlá á sì bú gbàmù.

Orí àwòrán tí ń lọ sójú ẹ̀rọ ni wọ́n ń fi í kún, wọn kì í kọ ọ́ padà sínú `kamera`. Ẹni tó bá kọ ọ́ padà yóò mọ̀ kíá: lẹ́yìn ìbúgbàmù, kámẹ́rà á ṣì máa wá ọ̀nà padà sí ibi tó ti yẹ̀ kúrò. Ó tún yẹ kí wọ́n ya ògiri kọjá ààlà yàrá ní píksẹ́lì 6 ó kéré tán, kí òkùnkùn má baà yọjú níbi tí kò yẹ. Nínú Celeste, ẹni tí ìmìtìtì yìí bá ń kọ́ lóòyì lè pa á láti inú ètò géèmù náà.