Ìpolówó Tó Dá Ìbéèrè Oníbàárà Lóhùn: Bí A Ṣe Ń To Ọ̀wọ́ Ìpolówó Lórí Google

Ká ní ínfátà ẹnì kan n'Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í ké láago mẹ́jọ alẹ́. Iná ìjọba ti dé láti ọ̀sán, síbẹ̀ bátìrì ò gba iná sára. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ `inverter not charging` sórí Google. Ìpolówó ilé iṣẹ́ kan yọ lókè, ó ní àwọn ń ta sólà, ínfátà àti bátìrì tó dára. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ilé iṣẹ́ náà ló gbé e lọ, níbi tí wọ́n gbé àwòrán páànẹ́lì sólà sí lórí òrùlé ilé ńlá kan. Ó wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àtúnṣe, kò tètè rí i, ló bá padà sẹ́yìn, ó tẹ ìpolówó ẹlòmíì. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ yóò san owó títẹ̀ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníbàárà ò dúró.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ náà mọ ínfátà tún ṣe dáadáa. Owó ìpolówó rẹ̀ kò kéré, ọ̀rọ̀ tí oníbàárà tẹ̀ pàápàá wà lára èyí tó sanwó lé lórí. Bó ṣe to ìpolówó rẹ̀ ló pa á lára.

Oṣù kẹwàá ọdún 2000 ni Google bẹ̀rẹ̀ ètò ìpolówó yìí. AdWords ni wọ́n ń pè é kí orúkọ rẹ̀ tó yí padà sí Google Ads lọ́dún 2018. Lókè ni ìpolongo wà, ibẹ̀ la ti ń sọ iye tá a fẹ́ máa ná lójúmọ́ àti ìlú tá a fẹ́ kí ìpolówó ti máa hàn. Inú ìpolongo ni ọ̀wọ́ ìpolówó wà, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní kókó-ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tá a rò pé èèyàn máa tẹ̀ bó bá ń wá wa. Ó ní ìpolówó tirẹ̀, ìpolówó náà sì ní ojú ìwé kan tí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ máa gúnlẹ̀ sí. Ojú ìwé ìgúnlẹ̀ ni màá máa pe ìyẹn.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́ ni pé kókó-ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú ọ̀wọ́ kan náà, ìpolówó kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí ilé iṣẹ́ wa bá kó ogójì kókó-ọ̀rọ̀ sínú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, tí àwọn kan jẹ mọ́ àtúnṣe, tí àwọn kan jẹ mọ́ bátìrì, tí ìyókù jẹ́ ti sólà, ìpolówó tí wọ́n bá kọ ní láti bá gbogbo wọn mu. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn ní pàtó.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀wọ́ náà ká, ká tún un tò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wá nǹkan lórí Google lọ́dọ̀ tiwa, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni màá ṣe kọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ àtúnṣe máa ń tẹ `inverter repair ibadan`, `inverter technician near me` tàbí `inverter not charging`. Ẹni tó fẹ́ ra bátìrì máa ń tẹ `inverter battery price` tàbí `220ah tubular battery price`. Ẹni tó fẹ́ fi sólà sílé máa ń tẹ `solar installation ibadan` tàbí `solar installation cost`. Ọ̀wọ́ mẹ́ta nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà ni pé ọ̀rọ̀ tó jọra ni wọ́n ń kó pọ̀. Ẹ wo `inverter battery price` àti `inverter battery not charging`. Ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́ bá ara wọn mu, àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ ń wá ẹni tó máa tà fún òun, ẹnì kejì ń wá ẹni tó máa wá wo nǹkan tó bàjẹ́. Ohun tí oníbàárà ń wá la fi ń to ọ̀wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó lò. Ìdánwò tí mo fara mọ́ jù rèé: mú kókó-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó o bi ara rẹ bóyá ìpolówó kan ṣoṣo àti ojú ìwé kan ṣoṣo lè dá a lóhùn láìṣe àbùlà. Bó bá lè ṣe é, fi sínú ọ̀wọ́ yẹn. Bí kò bá lè ṣe é, ọ̀wọ́ mìíràn ló yẹ ẹ́.

Bá a ṣe kọ kókó-ọ̀rọ̀ sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Bá a bá kọ ọ́ lásán, Google á máa fi ìpolówó wa han ẹni tó bá tẹ ohunkóhun tó rí i pé ó bá a tan, ó sì lè jìnnà. Bá a bá fi àmì àyọlò sí i, bíi `"inverter repair"`, ohun tó gbé ìtumọ̀ yẹn dání ló máa mú wá. Àkámọ́ onígun, bíi `[inverter repair]`, ló dín in kù jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ṣì ń gba ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìtumọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ ò pọ̀, mo gbà pé àmì àyọlò àti àkámọ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó kan ìpolówó fúnra rẹ̀. Google gbà wá láyè láti kọ àkọlé 15, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní ju lẹ́tà 30 lọ, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ó tún gbà wá láyè àlàyé mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ní ju lẹ́tà 90 lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń mú díẹ̀ nínú wọn tò pọ̀ fún ẹni tó ń wá nǹkan. Nínú ọ̀wọ́ àtúnṣe, `Inverter Repair in Ibadan` jẹ́ lẹ́tà 25, ó wọlé dáadáa. `Inverter Not Charging?` náà dára, torí pé ohun tí oníbàárà fẹnu ara rẹ̀ sọ nìyẹn. Kò sídìí láti dárúkọ páànẹ́lì níbẹ̀ rárá.

Ojú ìwé ìgúnlẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí, òun sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń yẹ̀ sílẹ̀. Ojú ìwé àtúnṣe gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìpolówó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó dé mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibi tóun ń lọ lòun dé. Lẹ́yìn náà kó sọ irú ínfátà tí wọ́n ń tún ṣe, àdúgbò tí wọ́n ń dé, iye tí wọ́n ń gbà láti wá yẹ̀ ẹ́ wò, àti wákàtí tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Kí nọ́ńbà fóònù tàbí bọ́tìnnì WhatsApp wà lókè níbi tójú á ti kọ́kọ́ rí i. Ojú ìwé bátìrì ò ní jọ èyí: iye owó, bí bátìrì ṣe tóbi tó, àti ọdún tí wọ́n fi ṣe onídùúró fún un ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí iye owó ò bá sí níbẹ̀, ẹni tó tẹ `price` á lọ. Kí ojú ìwé méjèèjì má wúwo, torí orí fóònù tí dátà rẹ̀ ń falẹ̀ ni wọ́n ti máa ṣí i.

Pípín ọ̀wọ́ nìkan kò ní kí Google máa yan èyí tó yẹ nígbà gbogbo. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìdènà fi wà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tá a bá sọ pé kó má ṣe gbé ìpolówó wa jáde fún. Nínú ọ̀wọ́ bátìrì, a lè dí `repair` àti `technician`, kí wọ́n lè bọ́ sínú ọ̀wọ́ àtúnṣe. Fún gbogbo ìpolongo, a lè dí `diagram`, `pdf` àti `course`, torí ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ló ń tẹ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ínfátà tún ní wàhálà tirẹ̀: amúlétutù wà tó ń jẹ́ ínfátà, fíríìjì wà, ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin náà wà. Ẹni tí ò bá dí `ac`, `fridge` àti `welding`, ó máa sanwó fún àwọn tí kò lè ràn lọ́wọ́. Àmọ́ kéèyàn ṣọ́ra. Bá a bá dí `price` nínú ọ̀wọ́ àtúnṣe nítorí pé ti bátìrì ni, a ti lé ẹni tó tẹ `inverter repair price` lọ nìyẹn, ẹni tó ti ń ro iye tó máa san. Ọ̀rọ̀ ìdènà kì í sì í mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí púpọ̀ fúnra rẹ̀: ẹni tó dí `job` gbọ́dọ̀ dí `jobs` pẹ̀lú.

Ibi tá a ti ń mọ ohun tá a máa dí ni ojú ìwé tó ń jẹ́ `Search terms`. Ibẹ̀ la ti ń rí ohun tí àwọn èèyàn tẹ̀ gan-an kí ìpolówó wa tó jáde. Google kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, ó ń fi àwọn èyí tí ìwọ̀nba èèyàn tẹ̀ pa mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó ń fi hàn tó láti ṣiṣẹ́ lé lórí. Bó o bá rí i pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe ń yọ nínú ọ̀wọ́ bátìrì, ìtò rẹ ti ń jò níbẹ̀.

Òmíràn ni `Quality Score`, máàkì láti 1 dé 10 tí Google ń fún kókó-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Máàkì fúnra rẹ̀ kọ́ ni kó o máa wò, nǹkan mẹ́ta tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni. Bí `Ad relevance` bá jẹ́ `Below average`, ìpolówó ò bá kókó-ọ̀rọ̀ mu, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀wọ́ yẹn ló ṣì dà pọ̀. Bó bá jẹ́ `Landing page exp.` ló kù díẹ̀ káàtó, ojú ìwé ìgúnlẹ̀ ni kó o lọ tún ṣe. `Expected CTR` ń sọ bóyá Google rò pé àwọn èèyàn máa tẹ ìpolówó náà. Ó kan àpò wa, torí gbàǹjo ni Google fi ń pín àyè, kì í sì í ṣe owó nìkan ló ń wò. Ẹni tí ìpolówó àti ojú ìwé rẹ̀ bá ìbéèrè mu lè wà lókè ẹni tó fẹ́ san jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan láti fi ṣàpẹẹrẹ. Ká ní títẹ̀ kan jẹ́ ₦200, èèyàn 100 sì tẹ̀ ẹ́, ₦20,000 ti lọ. Bí ẹni méjì bá pè nínú wọn, ìpè kan jẹ́ ₦10,000. Bí ojú ìwé tó bá ìbéèrè mu bá sọ ẹni méjì di márùn-ún, ìpè kan di ₦4,000, láìfi kọ́bọ̀ kún owó ìpolówó.

Àwọn kan máa ń gbé e kọjá ààlà, wọ́n á fún kókó-ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Ó wúlò nígbà tí àkámọ́ onígun kì í gbà ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Nísinsìnyí tí Google ti ń wo ìtumọ̀, mi ò fara mọ́ ọn. `inverter repair ibadan` àti `inverter technician ibadan` ń wá ohun kan náà, bá a bá sì yà wọ́n, títẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò sì ní mọ èyí tó ń ṣe dáadáa.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀wọ́ ò lè yanjú. Ìpolongo ló ni owó ojúmọ́, a ò lè yan iye kan fún ọ̀wọ́ kan. Bí ilé iṣẹ́ wa bá yan ₦5,000 lójúmọ́, Google lè ná tó ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n kò ní gba ju ìlọ́po 30.4 lọ lóṣù, èyí tó jẹ́ ₦152,000. Bí àwọn tó ń béèrè iye bátìrì bá pọ̀, wọ́n lè ti jẹ owó náà tán kí alẹ́ tó lẹ́, tí ínfátà àwọn èèyàn ń bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà yẹn, ká yọ ọ̀wọ́ àtúnṣe jáde, ká sọ ọ́ di ìpolongo tirẹ̀, ká fún un ní ₦3,000, ká fi ₦2,000 sílẹ̀ fún ìyókù, ká sì kó àwọn ọ̀rọ̀ ìdènà lọ síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí èyí tá a fi sí ìpolongo àkọ́kọ́ kì í tẹ̀ lé ọ̀wọ́ lọ sí ìpolongo tuntun fúnra rẹ̀.